Igba Ọ̀rọ̀ Géérégé

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe gba owó oṣù láyé mi ni kí n máa ka ẹ̀wà. Mi ò ṣe àwàdà. Láàárín àwọn ọdún tí owó epo rọ̀bì ń rọ̀ sórí Èkó bí òjò, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sáré wá iṣẹ́ sí báǹkì àti sí ilé-iṣẹ́ àwọn òyìnbó, èmi jókòó sínú láàbù ilé ìwádìí kan ní Oṣòdì, mo da ẹ̀wà sórí àwo funfun, mo ń fi ẹnu ọ̀bẹ kékeré ṣà wọ́n sọ́tọ̀: èyí tí kòkòrò ti lu síhìn-ín, èyí tí kòkòrò kò lu sọ́hùn-ún. Ọgọ́rùn-ún ẹyọ lẹ́ẹ̀kan. Tí mo bá ka ọgọ́rùn-ún kan tán, màá kọ iye tó ní ihò sínú ìwé, màá sì tún bu òmíràn.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Mafoluku, kì í jẹ́ kí n gbádùn. Pápákọ̀ òfuurufú ni àwọn ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì gbà pé kò sí iṣẹ́ gidi kan tí kò ní ariwo ẹ̀ńjìnnì nínú.

“Ẹ ò rí i,” wọ́n á máa sọ fún àlejò, “Nàìjíríà ti lówó débi pé ìjọba ń gba èèyàn síṣẹ́ kí wọ́n máa ka ẹ̀wà.”

“Ẹ máa rẹ́rìn-ín, sà,” èmi náà á dáhùn. “Ọjọ́ tí kòkòrò bá jẹ ẹ̀wà ilé yìí tán, ẹ ó mọ̀ pé iṣẹ́ ni.”

Ẹ̀gbọ́n mi á ní kí n má máa dá ọkọ òun lóhùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin Èkìtì ni mí, ẹnu mi kì í ṣófo. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó ń dùn mí. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi. Mo ti fi ọwọ́ mi ka ẹ̀wà tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún nígbà náà, mi ò sì tíì rí ẹni tó lè bá mi jiyàn lórí ẹyọ kan ṣoṣo.

Ọ̀gá mi ni ó ni ìwádìí tí mo ń ka ẹ̀wà fún. Obìnrin Ìjẹ̀bú ni, Dókítà ni a ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ló fi gba oyè náà, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ohun tó fẹ́ mọ̀ kò ju pé: bí ìyálé ilé kan bá da òróró ẹ̀pà díẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀wà kó tó kó o pamọ́, ṣé kòkòrò kò ní jẹ ẹ́? Ṣé ẹ̀wà náà kò sì ní le lórí iná nítorí òróró yẹn? Ìgò mẹ́rìnlélógún la tò sórí pẹpẹ. A da òróró sí méjìlá, a fi méjìlá yòókù sílẹ̀ láìní nǹkan kan, a kó iye kòkòrò kan náà sínú gbogbo wọn. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n máa fi wà níbẹ̀ kí a tó ka ihò ìkẹyìn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Ọ̀gá rin ìrìn àjò lọ sí Ìbàdàn. Èmi nìkan ni mo wà ní láàbù. Mo wo pẹpẹ, mo sì rí ìgò méjì nínú àwọn tí kò ní òróró. Áà! Kòkòrò ń rìn gbùrùgbùrù lára gíláàsì, ìyẹ̀fun ti kún ìsàlẹ̀. Mi ò lè sọ pé mo ronú. Ọwọ́ mi kò tilẹ̀ bi mí léèrè. Mo mú atẹ, mo da ìgò méjèèjì sí i, mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé, mo sì sá ẹ̀wà náà sóòrùn, bí ìyá mi ṣe ń ṣe, bí ìyá ìyá mi ṣe ń ṣe kó tó bí i. Ẹ̀wà tí kòkòrò bá wọ̀, oòrùn ni wọ́n ń sá a sí. Ọmọ ọdún méje mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá onítáìpù wa kọjá, ó rí mi níbi tí mo ti ń fi ọwọ́ tú u ká.

“Ọmọ dáadáa,” ó ní. “Ilé tí wọ́n ti tọ́ ẹ, wọ́n tọ́ ẹ re.”

Ìyìn yẹn ló jí mi lójú oorun. Ọmọ dáadáa kẹ̀? Iṣẹ́ àwọn ìgò yẹn gan-an ni pé kí kòkòrò jẹ wọ́n! Àwọn ni a máa fi wé àwọn olóróró. Èmi tí ìjọba gbà kí n máa wo bí kòkòrò ṣe ń jẹ ẹ̀wà, mo ti gba ẹ̀wà lọ́wọ́ kòkòrò. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ atẹ, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Nígbà tí Ọ̀gá dé, mo sọ fún un kó tó bọ́ gèlè. Ó lọ wo ìgò méjèèjì lórí pẹpẹ. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. “Ìyá ẹ ló ṣe é, kì í ṣe ìwọ,” ó ní. Ṣùgbọ́n ó mú ìwé àkọsílẹ̀ láàbù wá, ó ní kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ síbẹ̀, kí n sì fọwọ́ sí i. A gbé ìgò méjèèjì kúrò lórí pẹpẹ. Ó wá ku méjìlá tó ní òróró, mẹ́wàá tí kò ní. Inú ìwé yẹn ni ọ̀rọ̀ náà wà, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ ju àwa mẹ́ta lọ.

Ìwádìí parí, èsì rẹ̀ sì dára ju bí a ṣe rò lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀wà tí kò rí òróró, bí ọgbọ̀n ló ní ihò. Nínú ọgọ́rùn-ún tó rí òróró, mẹ́fà àti díẹ̀. Tí a bá sì gbé méjèèjì ka iná, àkókò tí wọ́n fi jinná kò yàtọ̀. Ọ̀gá kọ gbogbo rẹ̀ ní òyìnbó sínú ìwé gígùn, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ jáde lókè òkun. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, èsì wọn dé. Wọ́n fẹ́ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ìròyìn kúkúrú ni. Apá tó ń sọ ohun tí a rí kò gbọdọ̀ ju igba ọ̀rọ̀ lọ. Kò gbọdọ̀ sí tábìlì nínú rẹ̀. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kan ni wọn yóò kà á sí. Bó bá fi ẹyọ kan lé, wọ́n á dá a padà láì kà á.

Tiwa jẹ́ irínwó ó lé méjìlá.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó wà nílẹ̀ fún mi. Kò sí ìwé kan tó ń jáde nílé ìwádìí wa láìjẹ́ pé ọ̀gá àgbà kà á, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Bákan náà, ọdún méjì tí wọ́n fi ń dán mi wò lẹ́nu iṣẹ́ ti fẹ́ pé. Fáìlì mi ti wà lórí tábìlì ọ̀gá àgbà, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá kí n dúró tàbí kí n máa lọ. Ọ̀gá àgbà yìí kò fẹ́ràn àìfarabalẹ̀. Ní ọdún tó ṣáájú, wọ́n ti ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan máa lọ nítorí pé ó fi ilẹ̀kùn fìríìjì sílẹ̀ láì tì, tí nǹkan inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Ọmọ náà bẹ̀, bẹ̀, ẹbẹ̀ kò wọlé.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ la bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, nítorí ọjọ́ Ẹtì ni ìwé gbọ́dọ̀ dé iwájú ọ̀gá àgbà. Àwa mẹ́ta la jókòó sí ọ́fíìsì Ọ̀gá: òun pẹ̀lú pẹ́ńsù pupa, èmi pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ láàbù àti ẹ̀rọ ìṣirò tí a ń fi ọwọ́ yí, bàbá onítáìpù pẹ̀lú táìpù rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Ọmọ Oǹdó ni bàbá, ó ti ń tẹ táìpù láti ayé òyìnbó, ìṣẹ́jú mélòó kan kò sì lè kọjá kó má ráhùn. Òun ló ń ka ọ̀rọ̀. Bó bá ka mẹ́wàá, á fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré.

“Dókítà,” ó ní, “ẹ jẹ́ kí n bá yín lẹ ọ̀rọ̀ méjì méjì pọ̀. Tí mi ò bá fi àyè sí i láàárín, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n á kà.”

“Bàbá, òyìnbó ni wọ́n, wọn kì í ṣe afọ́jú.”

Gígé àkọ́kọ́ rọrùn. Ọ̀gá ti sọ ìdí tí òróró fi ń dí kòkòrò lọ́wọ́ láàárín èsì. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí a rí, ohun tí a rò ni. Àyè rẹ̀ wà nísàlẹ̀, níbi tí a ti ń jíròrò. Ọ̀rọ̀ mọ́kànléláàádọ́rin lọ. Ó ti tún ṣàlàyé bí a ṣe da òróró àti bí a ṣe ka ihò, bẹ́ẹ̀ a sì ti sọ ọ́ lókè níbi tí a ti ń sọ bí a ṣe ṣe é. Méjìdínlọ́gọ́ta lọ. Bàbá onítáìpù kà á, ó ní ó ku igba ó lé mẹ́tàlélọ́gọ́rin.

Èyí tó tẹ̀lé e dùn wá díẹ̀. A ti ka ihò lóṣù kìíní àti lóṣù kejì náà. Gbogbo iṣẹ́ yẹn, èmi ni mo fi ojú mi ṣe é! Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí a dá sílẹ̀ ni pé báwo ni ẹ̀wà ṣe máa rí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, oṣù kẹta nìkan ló sì dáhùn rẹ̀. Ọ̀gá wo ojú mi kó tó fa pẹ́ńsù pupa já a. Mo mi orí. Ọ̀rọ̀ mẹ́rìndínláàádọ́ta lọ. Ó ku igba ó lé mẹ́tàdínlógójì, gbogbo wa sì sinmi, a mu omi.

Láti ibẹ̀ lọ, ó di pé à ń gé ẹran ara. Bàbá onítáìpù na ìka sí ibi tí a ti sọ pé àkókò jíjinná kò yàtọ̀.

“Nígbà tí kò yàtọ̀, kí la tún ń sọ ọ́ fún? Ẹ yọ ọ́.”

“Bàbá, ìyàwó yín ńkọ́?” Ọ̀gá bi í. “Bí a bá ní kó da òróró sí ẹ̀wà rẹ̀, kí ló máa kọ́kọ́ béèrè?”

Bàbá rò ó. “Á béèrè bóyá kò ní jẹ kẹrosíìnì òun tán.”

“Ẹ rí i? Èyí tí kò yàtọ̀ náà, èsì ni.”

Bàbá wá ní kí a yọ àwọn nọ́ńbà kéékèèké tó tẹ̀ lé ìpíndọ́gba kọ̀ọ̀kan, nítorí wọ́n ń da òun láàmú ní títẹ̀. Èmi ni mo fò mọ́ ọn. Nọ́ńbà kékeré yẹn ló ń sọ bí ìpíndọ́gba ṣe ṣeé gbára lé tó, bóyá àwọn ìgò jọra tàbí wọ́n kàn ń jó síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí a bá ní ọgbọ̀n láìsọ ìyẹn, ẹni tó kà á kò ní mọ̀ bóyá ọgbọ̀n tó dúró sójú kan ni tàbí ọgbọ̀n tí ìgò kan fi ẹ̀tàn fà gòkè. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ẹ gbọ́ a-ka-ẹ̀wà wa.” Orí mi wú.

A wá ń ṣa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. “Ó hàn gbangba pé” lọ. “A lè sọ pẹ̀lú ìdánilójú pé” lọ. “Gẹ́gẹ́ bí a ti rí i” lọ. Ọ̀rọ̀ méjìdínlógún la ṣà kúrò láì pàdánù nǹkan kan. Nígbà náà ni Ọ̀gá tẹ orí ba, ó fa pẹ́ńsù pupa lórí gbólóhùn kan láì sọ̀rọ̀, ó sì na ìwé sí bàbá onítáìpù.

Bàbá kà á, ó tún un kà. Ó dìde dúró. “Igba! Igba géérégé! Ẹ kí mi o!”

Ó ń jó níwájú fèrèsé, bàálù kan sì ń bọ̀ wálẹ̀ lókè wa, gbogbo gíláàsì ń gbọ̀n. Nígbà tí ariwo náà lọ, mo wo ìwé náà. Mo rí gbólóhùn tí Ọ̀gá fà já. Ọ̀rọ̀ mọ́kàndínlógún ni. Òun ló sọ pé a sá ìgò méjì sóòrùn lọ́nà àṣìṣe, tí a sì yọ wọ́n kúrò.

Mo mọ ìdí tó fi fà á já. Kò wò mí lójú nígbà tó ń fà á. Àánú mi ló ṣe é, mo sì jẹ́wọ́ pé inú mi dùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní ìdákẹ́jẹ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọ̀gá àgbà á kà á, á fọwọ́ sí i, á fọwọ́ sí tèmi náà.

Mo ń fi èsì ìṣirò tí a fi ń mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ apá méjèèjì kì í ṣe èèṣì wé ohun tó wà nínú ìwé láàbù, kí táìpù má baà ṣì í, ni ojú mi bá bọ́ sórí ogún. Nọ́ńbà kan wà tí a máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú èsì bẹ́ẹ̀, òun ni ẹni tó bá kà á fi ń yẹ ìṣirò wò. Bí a ṣe ń rí i kò le: iye ìgò apá kan, ṣe àròpọ̀ rẹ̀ mọ́ ti apá kejì, kí o yọ méjì. Méjìlá àti mẹ́wàá, yọ méjì, ogún. Ogún ló wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n lókè, níbi tí a ti sọ bí a ṣe ṣe é, méjìlá àti méjìlá ni a kọ. Ẹnikẹ́ni tó bá lóye á ṣe é lórí ìka rẹ̀: méjìlélógún ni. Á ní, ṣé àwọn wọ̀nyí kò mọ ìṣirò ni, tàbí wọ́n ń fi ìgò méjì pamọ́? Tó bá sì ní a fi méjì pamọ́, irọ́ kọ́ ló pa.

Mo jókòó ti nọ́ńbà yẹn. Mo lè dákẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ṣùgbọ́n inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, kì í ṣe sí Ọ̀gá, sí ara mi ni. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ẹ̀wà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò ṣi ẹyọ kan kà. Ṣé ìgò méjì ni màá wá ṣì kà, níwájú gbogbo ayé, pẹ̀lú ojú mi tó là sílẹ̀?

“Ẹ jọ̀ọ́ mà,” mo ní, “gbólóhùn yẹn gbọ́dọ̀ padà.”

Ọ̀gá gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. “Èwo?”

“Ti èmi, mà.” Mo fi nọ́ńbà náà hàn án, mo ṣe ìṣirò rẹ̀ fún un. Ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ, òun ló kọ́ mi.

“A lè yọ ogún yẹn náà kúrò,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. “Á tilẹ̀ fún wa ní àyè.”

“Bí a bá yọ ọ́, kí ni wọ́n á fi yẹ̀ wá wò?”

Bàbá onítáìpù ti dá ijó dúró.

“Gbọ́ mi,” Ọ̀gá ní. “Ọ̀gá àgbà ló máa kà á lọ́la. Fáìlì ẹ wà níwájú wọn. Wọ́n á béèrè ẹni tó sá ẹ̀wà. Ṣé ọwọ́ ara ẹ lo fẹ́ fi kó ẹjọ́ sí ara ẹ lọ́rùn?”

“Mà, ẹ̀rù ń bà mí,” mo ní. “Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n mẹ́wàá ni. Kì í ṣe méjìlá.”

Mo rò pé ó máa bínú. Ó fa ìwé náà mọ́ra, ó ní, “Ó dáa. Wá àyè fún un, nígbà náà. Ìwọ lo ni í.”

Bó ṣe di pé pẹ́ńsù pupa bọ́ sí ọwọ́ mi nìyẹn. Mo kọ́kọ́ gé gbólóhùn tèmi fúnra rẹ̀: mo yọ “ó yẹ kí a mẹ́nu bà á,” mo tún un tò, ó di mẹ́rìndínlógún ní òyìnbó. Ìgò méjì, tí a sá sóòrùn lọ́nà àṣìṣe ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ni a yọ kúrò. Mẹ́wàá ló kù fún ìṣirò. Ó wá kù kí n wá ọ̀rọ̀ mẹ́rìndínlógún tí màá yọ níbòmíràn. Mo ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Gbogbo rẹ̀ ti gbẹ. Nígbà kẹrin ni mo rí i, àyà mi sì já, nítorí gbólóhùn tí Ọ̀gá fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwé náà ni. Níbẹ̀ ló ti sọ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀wà tí kòkòrò bàjẹ́ lápá kìíní àti lápá kejì, kí ẹni tí kò mọ ìṣirò lè rí i.

“Ẹ má bínú, mà. Ọgọ́rùn-ún ẹyọ ni mo ń kà lẹ́ẹ̀kan. Iye tó ní ihò nínú ọgọ́rùn-ún, òun náà ni ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Nọ́ńbà kan náà la kọ lẹ́ẹ̀mejì.”

Ọ̀gá gba ìwé, ó wò ó. Ó wo gbólóhùn òkè, ó wo ti ìsàlẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbá iwájú orí. “Láti oṣù kẹfà ni mo ti ń ka ìwé yìí!”

“Ọ̀rọ̀ mélòó ni?” bàbá béèrè.

“Mẹ́rìndínlógún,” mo ní. Mo ti kà á.

Bàbá tún un kà fúnra rẹ̀, nítorí kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ó fi kábọ̀nù tuntun sáàárín pépà, ó ń ráhùn pé ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án nìyí tí òun máa tẹ ohun kan náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ láì ṣi lẹ́tà kan.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Ọ̀gá gbé ìwé lọ. Ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà tutù nítorí ẹ̀rọ amúlétutù tuntun. Síbẹ̀, mo ń làágùn. Wọn kò ní kí a jókòó. Wọ́n mú pẹ́ńsù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọ̀rọ̀ náà fúnra wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ètè wọn ń mì. Nígbà tí wọ́n dé àárín, pẹ́ńsù náà dúró.

“Ta ló sá ẹ̀wà sóòrùn?”

Ọ̀gá mi la ẹnu. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ bá mi ru ẹ̀bi náà. Mo ṣáájú rẹ̀.

“Èmi ni, sà.”

“Kí ló dé?”

“Kòkòrò wà nínú ẹ̀, sà.”

Wọ́n gbé ojú sókè wò mí. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni mo rí níbẹ̀ tàbí èébú. “Ta ló wá kọ ọ́ síbí? Igba ọ̀rọ̀ péré lẹ ní, ẹ wá fi mẹ́rìndínlógún ṣòfò lórí àṣìṣe.”

“Èmi náà ni, sà. Kì í ṣe òfò, sà. Láìsí i, ogún tó wà nísàlẹ̀ kò ní bá ti òkè mu.”

Wọ́n ṣí ojú ìwé padà, wọ́n wo òkè, wọ́n wo ìsàlẹ̀, mo sì rí i tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò ṣírò lórí àwọn ìka wọn. Wọ́n padà sí ibi tí wọ́n ti dúró, wọ́n ka ìyókù dé òpin. “Igba,” wọ́n ní. Wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n na ìwé sí Ọ̀gá. Lẹ́yìn náà wọ́n fa fáìlì aláwọ̀ ewé kan jáde láti abẹ́ àwọn yòókù. Orúkọ mi ló wà lára rẹ̀. Wọ́n ṣí i, wọ́n kọ ìlà kan ṣoṣo, wọ́n pa á dé, wọ́n ní kí a máa lọ.

N kò mọ ohun tí wọ́n kọ. N kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bi mí bóyá ẹ̀wà tí mò ń kà ti tán nílẹ̀ ni, mi ò dá wọn lóhùn, wọ́n sì mọ̀ pé nǹkan ṣe mí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni lẹ́tà dé pé kí n dúró lẹ́nu iṣẹ́. Mo bú sẹ́kún níwájú akọ̀wé. Obìnrin náà wò yíká, ó sì ṣí fáìlì mi fìrí kí n rí i, nítorí àánú.

Òyìnbó ni ọ̀gá àgbà fi kọ ọ́, lẹ́tà wọn sì rí wọ́gọwọ̀gọ, ṣùgbọ́n mo kà á. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé: “Bí obìnrin yìí bá sọ pé mẹ́wàá ni, ẹ má tún un kà.”